Adájọ́ Ń Dúró De Èsì Láti Ọwọ́ Ara Rẹ̀

Ọkọ mi ló fún un lórúkọ náà. Ọmọ àbúrò mi ni ọmọbìnrin yìí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ló dàgbà sí, èmi ló sì ń pè ní Màmá. Nígbà tó ṣì kéré, tó jẹ́ pé àga ló fi ń gun orí tábìlì, ó fọ́ gíláàsì ojú aago ọkọ mi. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ó ti wá dúró níwájú ọkùnrin náà, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọlọ́pàá.

"Dádì, ẹnì kan ti fọ́ aago yín."

"Ta ni?"

"Èmi ni. Mo ti bá a wí. Mo ní kò gbọdọ̀ jẹ bisikíìtì lónìí."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó, ẹjọ́ ti parí kí n tó dé kóòtù! Adájọ́ lèyí." Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ohun tí ọmọ yìí ṣe rí tí kò ní fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Bí o bá fún un ní ṣéńjì tó lé, á gbé e padà. Bí o bá ní kó sọ fún àlejò pé o ò sí nílé, á jáde lọ bá àlejò, á ní, "Màmá ní kí n sọ pé àwọn ò sí nílé." Ọpọ́n ni mo máa ń fi bojú lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó kàwé, ó sì gboyè. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rí, inú ilé-ẹ̀kọ́ tó ti jáde náà ló wà, ní yàrá ìkẹyìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́rìí sí ìwé-ẹ̀rí. Iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń sọ àdéhùn rẹ̀ dọ̀tun, bí ẹni ń fi ẹ̀mí ọlọ́jọ́ kúkúrú tọrẹ. Ọkọ mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Títí tó fi dùbúlẹ̀ àìsàn, ohun tó ń sọ ni pé, "Adájọ́, wá iṣẹ́ tó nídìí." Ó kú lọ́dún tó kọjá, kò rí i. Àga rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé. Aṣọ tí a ti lọ̀ la máa ń kó sórí rẹ̀, kó má baà dà bíi pé a ń retí ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ yàrá náà ṣe rí, torí èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ gba ènìyàn síṣẹ́, kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí tí onítọ̀hún mú dání ni wọn yóò gbà gbọ́. Ìwé lè jẹ́ ojúlówó, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, wọ́n á ní kó buwọ́ lùwé ìyọ̀ǹda, wọ́n á san owó àyẹ̀wò, wọ́n á wá kọ̀wé tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́ tó fún un níwèé: Ṣé ẹ mọ ọmọ yìí? Ṣé òótọ́ ló jáde lọ́dún báyìí, nínú ẹ̀kọ́ báyìí, ní ipò báyìí? Ilé-ẹ̀kọ́ á ṣí ìwé orúkọ rẹ̀, á fi wé ẹ̀dà tí wọ́n fi ránṣẹ́, á sì dá ilé-iṣẹ́ lóhùn tààrà. Ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń bèèrè rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi máa ń pẹ́, torí ẹni tí ìyà ń jẹ kọ́ ló ń dì í mú, ẹni tó ń dì í mú kò sì mọ̀ pé ìyà ń jẹ ẹnikẹ́ni.

Ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú yàrá náà: ọ̀gá wọn, ìyá ìkókó kan, àti Adájọ́. Ìyá ìkókó lọ fún ìsinmi ọmọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ọ̀gá lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Kó tó lọ, ó lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri pé ohunkóhun tó bá wọlé, Adájọ́ ni kó ṣe é, kó sì buwọ́ lù ú dípò òun. Bí ọmọ mi ṣe di ọ̀gá, ọ̀gá kékeré, àti òṣìṣẹ́ nìyẹn, láìsí pé owó oṣù mọ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì ilé-ìwòsàn ní àwọn fẹ́ gbà á. Iṣẹ́ gidi, tó nídìí. Wọ́n ní gbogbo nǹkan ti parí, ó ku kí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́rìí sí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Bí ìdáhùn kò bá dé kí oṣù tó parí, ẹni tó ṣe ìkejì ni àwọn máa gbà.

A dúró. Adájọ́ ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ó ń wo ímeèlì ọ́fíìsì, kò rí nǹkan kan nípa ara rẹ̀. Títí fóònù orí tábìlì fi dún lọ́jọ́ kan. Obìnrin tó ń gba òṣìṣẹ́ sílé-iṣẹ́ oníbẹ́ẹ̀dì ni. Bí Adájọ́ ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi nìyí, ọmọ yìí kì í sì fi iyọ̀ sọ́rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o. A kọ̀wé sí yín nípa akẹ́kọ̀ọ́jáde yín kan, ẹ ò dá wa lóhùn." Ó dárúkọ.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Àdírẹ́sì wo lẹ fi ránṣẹ́ sí?"

Obìnrin náà kà á. Àdírẹ́sì ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni, èyí tí wọ́n ti pa tì látìgbà tí wọ́n ti kó kúrò ní ilé àtijọ́. Adájọ́ ní, "Kì í ṣe ibí nìyẹn, mà. Ẹ tún un fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí mo máa kà fún yín yìí, kí ẹ fi ìwé ìyọ̀ǹda ọmọ náà àti rìsíìtì owó àyẹ̀wò sí i. Láìsí méjèèjì, a ò lè ṣí ìwé orúkọ."

"Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin gan-an ló mọ iṣẹ́ yín. Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀?"

Ẹlòmíràn á ní, "Òṣìṣẹ́ ni." Adájọ́ ní, "Èmi ni, mà."

"Èmi wo?"

"Ẹni tí ẹ ń bèèrè."

Obìnrin náà ní, "Ẹni tí à ń wádìí ló ń gbé fóònù ọ́fíìsì tó ń ṣèwádìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Jọ̀ọ́, gbé e fún ẹlòmíràn."

"Kò sí ẹlòmíràn, mà. Wọ́n di ojú ọ̀gá wa nílé-ìwòsàn, ẹnì kejì sì wà nílé, ó ń fún ọmọ lọ́mú."

"Gbọ́ mi dáadáa," obìnrin náà wí. "Mi ò sọ pé o ṣe ohun tí kò dáa o. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yòówù tí ọwọ́ rẹ bá wà nínú rẹ̀, a ò ní gbà á."

"Èmi náà ò ní gbà á, mà," Adájọ́ dáhùn.

Lẹ́tà náà dé lọ́jọ́ kejì, ó pé pérépéré. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe sí ti gbogbo ayé, ó fún un ní nọ́ńbà, ó sì fi ìwé "a ti rí i, ẹ ní sùúrù" ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ̀dà kan ní láti lọ sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́jáde. Ó fi ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. Òfin yàrá wọn ni pé òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ṣí ìwé ara rẹ̀ tàbí ti ẹbí rẹ̀. Inú fáìlì pupa kan ni irú èyí ń lọ, kí ẹlòmíràn lè ṣe é. Ó fi í sínú fáìlì pupa. Ta ló ń tọ́jú fáìlì pupa? Adájọ́ ni.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀ nílé-ìwòsàn. Ọkùnrin náà, tí báńdéèjì bo ojú rẹ̀ méjèèjì, ní, "Má bẹ̀rù rárá. Gbé e fún ẹni tó ń ṣojú fún mi."

"Èmi ni mò ń ṣojú fún yín, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ti yanjú nìyẹn," ni ọ̀gá wí, ó sì pa fóònù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, télọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa gòkè wá gba abẹ́rẹ́ tó yá mi. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ ilé wa tí kì í bá wa dá sí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó jókòó.

"Òǹtẹ̀ ńkọ́?" ó bèèrè.

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, bàbá."

"Kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ ńkọ́?"

"Ọrùn mi rèé."

"O jáde ìwé, àbí o ò jáde?"

"Mo jáde."

"Kí ló wá ń dùn ọ́? Tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn! Ṣé irọ́ lo fẹ́ pa ni? Èmi tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo rán ṣòkòtò tí mo wọ̀. Ọwọ́ ta ni mo ti gbàṣẹ?"

Adájọ́ wò ó lọ wò ó bọ̀. Ó ní, "Bàbá, ìdí ṣòkòtò náà ti já. Ẹ ò rí i ni, torí ẹ̀yìn yín ló wà."

Télọ̀ fọwọ́ kan ìdí, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó fi ẹ̀yìn rìn títí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ yìí, ọkọ rẹ á rí nǹkan!" Ó gbàgbé abẹ́rẹ́ tó wá gbà.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé lọ sùn, inú mi kò dùn. Mo mọ̀ pé ó tọ̀nà. Mo sì mọ̀ pé ẹni tó tọ̀nà lè pàdánù iṣẹ́. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò wá gbẹ́ èkù fún un, nígbà tó jẹ́ pé òun nìkan ni ọ̀bẹ tó kù nílé?

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ sílé, mo gbé e lọ fún un. Àkọ́kọ́ rèé tí mo máa dé ibẹ̀. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde jókòó síbẹ̀ bí ẹni ń dúró de dókítà. Fèrèsé kékeré kan wà, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú òṣìṣẹ́. Fáànù inú yàrá ń mi orí sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni tó ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá bi í. Mo jókòó sí ìdí bẹ́ǹṣì, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n ní ìyá òṣìṣẹ́ ń gba iwájú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí táì rẹ̀ gùn kọjá ìdodo ló wà lójú fèrèsé, ó ń kígbe. "Ẹ ti ba ayé mi jẹ́! Ẹ kàn ń jókòó síbẹ̀ ni!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra," Adájọ́ sọ fún un. "Ẹ lọ bi ilé-iṣẹ́ yẹn: ọjọ́ wo ni wọ́n kọ ọ́, àdírẹ́sì wo ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, ṣé wọ́n ti sanwó, ṣé ìwé ìyọ̀ǹda yín wà nínú rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá orúkọ àti ọdún tí wọ́n kọ bá èyí tó wà lórí ìwé-ẹ̀rí yín mu. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ kọ̀wé sí wa, kí ẹ fi nọ́ńbà ìtọ́ka sí i, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Rẹ́jísírà, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tiyín tí a bá tẹ ọjọ́ mọ́. Ẹ fi ẹ̀dà náà han ilé-iṣẹ́, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ò sùn. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún àkókò díẹ̀ sí i. Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n lè gba àkójọ èsì yín, tàbí lẹ́tà olórí ẹ̀ka yín, títí tiwa á fi dé. Ṣùgbọ́n láti ọ̀dọ̀ wọn ni kó ti lọ tààrà o, ẹ má fọwọ́ ara yín gbé e. Bíbú mi kò sí nínú rẹ̀."

Táì Gígùn tutù. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

Ó kàn mí. Mo na oúnjẹ gba ojú fèrèsé. Mo ní, "Adájọ́, gbogbo èyí tí o sọ fún ọmọ ọlọ́mọ yìí, èwo lo ti ṣe nínú rẹ̀?"

Ó mú ṣíbí, ó ní, "Màmá, mi ò ṣe ìkankan."

"Kí ló dé?"

"Mo rò pé... mo ti wà nínú ilé."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó kọ lẹ́tà ẹ̀sùn tirẹ̀, ó kọ "àkókò oúnjẹ" sójú fèrèsé, ó tì í, ó jáde. Àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà sí. Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ bá mi dúró síbẹ̀ kẹ́ ẹ rí i: ọmọ mi tò sẹ́yìn gbogbo wọn.

Obìnrin kan ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ wà nínú ibẹ̀ nísinsìnyí?"

"Èmi ni."

"Ta lẹ wá tò de?"

"Èmi náà ni."

"Ó dáa, ẹ bá mi sọ fún yín kẹ́ ẹ tètè dé!" Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kàn án, ó sọ lẹ́tà sínú àpótí, ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó ṣí fèrèsé, ó kó lẹ́tà jáde, ó tẹ ọjọ́ mọ́ tirẹ̀, ó sì fi ẹ̀dà kan sínú báàgì ara rẹ̀. Ẹ̀dà kejì gòkè lọ sọ́dọ̀ Rẹ́jísírà, tí í ṣe olórí gbogbo àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ní ọjọ́ náà gan-an, ó kọ̀wé sí obìnrin oníbẹ́ẹ̀dì, ó fi ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ ọjọ́ hàn án, ó bẹ̀bẹ̀ fún àkókò, ó sì ní kí olórí ẹ̀ka òun kọ̀wé sí wọn tààrà. Obìnrin náà ṣe é lóore: ó fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Ó ní kò ní tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ náà ti ń tán lọ kí lẹ́tà tó ti òkè sọ̀ kalẹ̀. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹjọ́ yàrá kan sùn, yàrá náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi. Akọ̀wé Rẹ́jísírà wá kọ ọ́ sí etí lẹ́tà Adájọ́ pé: "Sí yàrá ìjẹ́rìí ìwé-ẹ̀rí. Ẹ ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi ń fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́jáde yìí. Kíákíá."

Ó gbé e wálé fún mi kà. Àkọ́kọ́ rèé tí mo máa rí omi lójú rẹ̀ láti ìgbà tí a ti sin ọkọ mi. "Màmá, wọ́n ní kí n wá sọ tẹnu mi lórí ẹjọ́ tí mo pe ara mi."

Mo wo àga ẹ̀bá fèrèsé. Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu, mi ò mọ ibi tó ti wá. Mo ní, "Aago ta lo fọ́?"

Ó wò mí. Ó nu ojú. Ó kó aṣọ tí a lọ̀ kúrò lórí àga náà, ó jókòó síbẹ̀, ó sì kọ̀wé lórí itan. Bó ṣe dá Rẹ́jísírà lóhùn lórúkọ yàrá rẹ̀ nìyí:

"Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀sùn akẹ́kọ̀ọ́jáde náà. Ìbéèrè ilé-iṣẹ́ ti wọlé, ó pé, wọ́n sì ti sanwó. A kò tíì dáhùn, torí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù ní yàrá yìí ni akẹ́kọ̀ọ́jáde náà, òfin kò sì gbà á láyè láti ṣí ìwé ara rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà kò jẹ̀bi. Akẹ́kọ̀ọ́jáde náà kò jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan ẹlòmíràn láti ṣe é."

Wọ́n ní Rẹ́jísírà kà á, ó yọ awò ojú, ó tún un kà, ó sì bèèrè pé, "Ènìyàn mélòó ló kọ ìwé yìí?" Ọ̀sán ọjọ́ náà ló rán ọ̀gá tó ń ṣe àkójọ èsì wá láti òkè. Ọkùnrin pẹlẹbẹ kan ni, kì í rẹ́rìn-ín. Ó dúró níwájú Adájọ́.

"Ṣé ìwọ ni akẹ́kọ̀ọ́jáde náà ni, àbí òṣìṣẹ́?"

"Méjèèjì, sà."

"Akẹ́kọ̀ọ́jáde kò gbọdọ̀ wọnú yàrá yìí. Jáde."

Ó jáde. Kò pẹ́, ọkùnrin náà yọ orí lójú fèrèsé. "Òṣìṣẹ́ dà? Mi ò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà."

Ó wọlé, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó tún jáde. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí, láàárín àwọn tó kù, ó káwọ́ lérí orúnkún. Ó ní òun kò bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Ó mọ̀ pé òun jáde ìwé. Ó ṣe ayẹyẹ rẹ̀, mo wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi wú. Síbẹ̀, nígbà tó ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń ṣí ewé ìwé ńlá yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ pé, "Bí mi ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?"

Ó wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà fi orúkọ, ẹ̀kọ́, ọdún, àti ipò wé ẹ̀dà, ó buwọ́ lù ú, ó sì fi ránṣẹ́ tààrà láti ímeèlì ọ́fíìsì. Kò sì pẹ́ tí fóònù fi dún. Obìnrin oníbẹ́ẹ̀dì ló tún pè, láti rí i dájú pé ìwé náà kò wá láti ibòmíràn. Adájọ́ gbọ́ ohùn ọkùnrin náà láti orí bẹ́ǹṣì:

"Bẹ́ẹ̀ ni, a ti fi ránṣẹ́. Rárá, kì í ṣe òun. Èmi ni. Mo ní kì í ṣe òun! Màdáámù, ẹ ò gbọ́ ohùn mi ni? Ọkùnrin ni mí!"

Bó ṣe gba iṣẹ́ náà nìyẹn. Mo sọ fún àga ọkọ mi.

Nígbà tó dé ilé-iṣẹ́ oníbẹ́ẹ̀dì, obìnrin tó ń gba òṣìṣẹ́ ní, "Ìwọ lo mọ ọ̀nà inú rẹ̀ jù wá lọ," ó sì fi àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí àwọn òṣìṣẹ́ tuntun lé e lọ́wọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó kàn án, ọmọbìnrin onírin kan tó fẹ́ máa jó ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì pọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ló ti jáde. Adájọ́ kọ̀wé sí àdírẹ́sì tó yẹ, ó fi ìyọ̀ǹda àti rìsíìtì sí i. Kò rí èsì. Ó tẹ̀ wọ́n láago.

Ó ròyìn rẹ̀ fún mi nígbà tó ń bọ́ bàtà. Ó ní fóònù náà ń dún, òun sì mọ ibi tó ti ń dún, lórí tábìlì yẹn, lábẹ́ fáànù yẹn. Ojú ọ̀gá kò tíì jinná. Ìyá ìkókó kò tíì padà. Ọkùnrin pẹlẹbẹ ti gòkè lọ.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo pe ọmọbìnrin onírin náà. Mo fún un ní nọ́ńbà ìtọ́ka, mo ní kó kọ̀wé sí wọn, kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Rẹ́jísírà, àti pé a máa dúró dè é."

"O ṣe dáadáa."

"Ṣùgbọ́n Màmá, mo kọ́kọ́ dúró lórí fóònù yẹn fúngbà pípẹ́." Ó gbé bàtà sábẹ́ àga. "Mo mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo kàn ń retí pé èmi ni mà á gbé e lọ́hùn-ún."